Òrùlé Tí Kò Jò Rí

Bí bàbá onílé ní Múṣin bá fẹ́ gba owó ọdún méjì fún ṣọ́ọ̀bù, yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín: "Àbí ẹ ò fẹ́ pẹ́ níbẹ̀ ni?" Òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní kò gbọ́dọ̀ gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Bàbá mọ̀. Ejẹ́ǹtì náà mọ̀, àmọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá lòun ń gbà, bówó bá ṣe pọ̀ tó ni tiẹ̀ náà ń pọ̀ tó.

Ká ní ẹ gbà lórí ọdún kan, ₦600,000. Ẹ wá béèrè ẹni tí yóò tún òrùlé ṣe. Bàbá á gbójú sókè: "Èyí? Kò jò rí." Ẹ̀ẹ̀rùn la wà o! Ẹ jẹ́ kó wọ inú àgírímẹ́ǹtì: òrùlé àti ògiri, tonílé; gílóòbù àti ọ̀dà inú, tayálégbé.

Ọdún kejì ló wá dùn jù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ lè tún ṣọ́ọ̀bù náà gbà tí ẹ bá ti fún bàbá ní lẹ́tà lóṣù mẹ́ta ṣáájú, àti iye tówó ò gbọ́dọ̀ gùn kọjá. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, búrẹ́dì tí bàbá ń wá rà lọ́wọ́ yín láràárọ̀ yẹn, kì í ṣe tebi. Oníbàárà ló ń kà.