Níbo Ni Pélé Mi Wà?

Mi ò burẹ́wà o. Ẹ jẹ́ ká ti ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 33, ojú rẹ̀ ò lè rí bíi ti ọmọge mọ́. Ọmọ mi obìnrin ló bímọ sí Hústọ̀n ní Amẹ́ríkà, ó ní kí n máa bọ̀ wá bá òun wẹ ọmọ. Bí mo ṣe kó sí wàhálà físà nìyẹn.

Awò ojú mi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni Amẹ́ríkà ti sọ pé àwọn ò fẹ́ rí awò nínú fọ́tò físà mọ́. Ọmọkùnrin tó ń ya fọ́tò ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ní kí n bọ́ tèmi. Mo bọ́ ọ, ó yà mí, ó sì pè mí wá wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo figbe ta. Àpò méjì rọ̀ sábẹ́ ojú mi bí ẹni pé mo fẹ́ fi wọ́n ra gààrí. Mo bi í pé ta ló na obìnrin yìí.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. A máa bá yín fọ̀ ọ́."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dìde. Dípò bẹ́ẹ̀, mo fa àga sún mọ́ ọn. Ó pa àpò méjèèjì rẹ́. Mo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńkọ́, ó ti ń rọ̀. Ó fi ọwọ́ tì í wọlé lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì gbọ́ràn. Mo ní kí ó tan iná sí àwọ̀ mi díẹ̀, ó tàn án. Ó wá tẹ ohun kan báyìí, gbogbo ojú mi dán bíi tánganran. Mo fún un lówó ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo sì gbé ara mi tuntun lọ sílé.

Ọkọ mi wò ó, ó ní, "Ọmọ ta nìyí?" Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó mọ kọ̀ǹpútà ló bá mi kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní DS-160. Fọ́tò ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti 600 títí dé 1200 píkísẹ́lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ wúwo ju 240 kílóbáìtì lọ. Láti àgbọ̀n dé òkè orí gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán ìdajì gíga àwòrán náà. Bí a ṣe fi fọ́tò mi ránṣẹ́ báyìí, ó wọlé. Mo jó. Mi ò mọ̀ pé bíi ti ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà àríyá ni ẹ̀rọ tó gbà á yẹn: aṣọ ẹbí nìkan ló ń wò. Bóyá ìwọ gan-an ni wọ́n pè, kò mọ̀.

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé ní Èkó. Mo tẹ̀ka, mo búra pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ. Obìnrin òyìnbó tó wà lẹ́yìn gíláàsì wo fọ́tò, ó wo pásípọ́ọ̀tì mi, ó wò mí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà tèmi, lójú àwọn òṣìṣẹ́ Ímígíréṣọ̀n ni wọ́n ti yà mí, wọn ò sì bá mi fọ nǹkan kan. Pélé mi dúró gbọnyin níbẹ̀, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì.

"Mádáàmù, níbo ni ilà ojú yín wà?"

Mo gba fọ́tò náà wò. Kò sí pélé! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yà á, àpò ojú tó lọ nìkan ni mo ń wò. Ohun tó mú kí ojú mi dán yẹn ò mọ ilà yàtọ̀ sí ìhunjọ. Ohunkóhun tó bá ti fa ìlà sára ẹ̀rẹ̀kẹ́, àbùkù ni lójú rẹ̀, yóò lọ̀ ọ́ bí ẹni ń lọ aṣọ. Ohun tí bàbá mi san owó fún olóòlà kí ó tó kọ, ọmọ Mọ́kọ́lá fi ìka kan pa á rẹ́.

Obìnrin náà ò tíì ṣe tán. Ó nawọ́ sí yẹtí mi. Tòsì rí roboto, tọ̀tún gùn bí ẹyin adìyẹ. Nígbà tí wọ́n ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wọlé, ohun tó wà nítòsí bá a lọ. Ó ní ìyẹn lòun kọ́kọ́ rí, kí òun tó wo ilà: yẹtí tó wọ́, ọrùn aṣọ tó tẹ̀, etí tí bèbè rẹ̀ já lára ògiri funfun.

Irọ́ ti dé ètè mi. Mo fẹ́ sọ pé pọ́dà ni. Ẹ má rò pé kékeré nìyẹn. Fọ́tò tí wọ́n bá tún ṣe, wọn a dá a padà, wọn a ní kó o mú òmíràn wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ lórí ohun tó ṣe pàtàkì kí ó lè rí físà, òfin Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí ayé, àfi tí wọ́n bá dìídì forí jì í. Èmi ìyá àgbà, lórí àpò ojú! Mo gbé irọ́ náà mì.

Mo ní, "Èmi ni mo ní kí ọmọ tó yà á bá mi fọ ojú. Mi ò mọ̀ pé yóò fọ pélé mọ́ ọn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fún mi ní ìwé pélébé kan. Físà dúró ná. Kí n mú fọ́tò tuntun wá, tí a yà láàárín oṣù mẹ́fà, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn.

Bí mo ṣe délé ni mo ń ráhùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dákẹ́. Ó ní ẹ̀rọ tiwọn ń fi ìrísí ojú wé ìrísí ojú, bí imú àti ojú ṣe jìnnà síra, bí àgbọ̀n ṣe tẹ̀. Tí wọ́n bá ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọlé, ó lè má dá mi mọ̀ mọ́. Ó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì ní 2018. Àwọn ajìjàgbara kan po ojú ọ̀kan nínú wọn pọ̀ mọ́ ojú Federica Mogherini, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù nígbà yẹn, wọ́n sì fi fọ́tò náà gba pásípọ́ọ̀tì gidi, kí ayé lè rí i pé ó ṣeé ṣe. Irú pásípọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀, ènìyàn méjì lè máa fi rìn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2025, Jámánì ò gba fọ́tò tí o bá mú láti ilé mọ́. Ọ́fíìsì wọn ni wọ́n ti máa yà ọ́, tàbí kí ayàwòrán tí wọ́n fọwọ́ sí fi í ránṣẹ́ tààrà.

Mo ní àpò ojú nìkan ni tèmi. Ó ní, "Àǹtí, ta ló fẹ́ dúró máa wọn àpò ojú níbẹ̀?"

Mo padà sí Mọ́kọ́lá. Mo ní kí ọmọ náà gé etí àwòrán, kí ó dín bó ṣe wúwo kù, ìyẹn ò lòdì sófin. Kí ó má fọwọ́ kan ojú mi. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Mo sùn dáadáa lálẹ́ àná rẹ̀, mo fi pọ́dà pa òróró iwájú orí, a gbé àga kọjú sí ẹnu ọ̀nà kí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ lè wọ abẹ́ ojú. Àpò méjèèjì ṣì wà. Wọ́n kàn kéré sí i ni, bí ẹni gbé gààrí kúrò nínú wọn. Pélé pé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Fọ́tò yẹn ni wọ́n fi fún mi ní físà, ọmọ sì ti pé ọ̀sẹ̀ méje kí n tó wẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo dé láti Hústọ̀n, mo bá fọ́tò àkọ́kọ́ lára ògiri pálọ̀. Ọkọ mi ti fi férémù sí i. Àlejò ń béèrè pé ta nìyẹn, ó ní ìyàwó òun tuntun ni.