Ìṣẹ́jú-àáyá Ọgbọ̀n

Àwọn àgbẹ̀ wa ní Àrẹ̀mọ fẹ́ polówó iṣu tuntun lórí rédíò, wọ́n ní kí n bá wọn kọ ọ́. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 lowó wa ká. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò bá ní sáré bí ẹni tí ajá ń lé, nǹkan bí 70 ọ̀rọ̀ ló gbà. Mo kọ ọ́: iṣu, iye owó, Ọjà'ba, Sátidé. Bàbá alága ní ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wọlé àgbà, láìkí wọn? A fi ìkíni sí i: ìṣẹ́jú-àáyá 8. Ìyálọ́jà ní oríkì àwọn àgbẹ̀ ńkọ́: 11. Alága tún rántí oyè ara rẹ̀ méjèèjì: 9. Mo wo aago: 28. “Ó mà ṣẹ́ ku méjì!” Inú wọn dùn. Báyìí ni owó ṣe kúrò nínú ìpolówó. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo Ìbàdàn gbọ́ tí wọ́n ń kí wọn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà láti Àrẹ̀mọ, “Ẹ wá ra i…”, ni ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí bá gbà á lẹ́nu wọn. Ní Sátidé, èèyàn mẹ́ta yà lọ́dọ̀ wa. Àgbo ni wọ́n ń bèèrè.