Sà Nìkan Kì í Yọ Obì Lápò

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ohun tí èèyàn bá máa rí gbà lọ́wọ́ àgbà, ẹnu rẹ̀ ni yóò fi fà á jáde. Àwọn ọmọ ayé òde òní gbọ́ òwe náà dáadáa, wọ́n sì ti rí ọ̀nà àbùjá sí i. Wọ́n ní kí là ń wá ọ̀rọ̀ rere kiri sí nígbà tí sà wà nílẹ̀? Ṣáà sọ ohun tó bá wù ọ́, kí o lẹ sà mọ́ ọn nídìí, obì á yọ fúnra rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọ́fíìsì wa fi kún fún "Kí lo wí sà?", "Ṣé o ti jẹun mà?" àti "Dúró sà, mò ń bọ̀." Ẹni tó ń sọ ọ́ kò ní àrífín lọ́kàn rárá. Ó lè máa tẹrí ba bó ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n etí àgbà kì í dúró de ìparí gbólóhùn. "Kí lo" ló kọ́kọ́ wọlé, nígbà tí sà bá fi máa dé, ọfà ti jáde nínú apó.

Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá sà àti mà. N kò bá wọn jà, wọ́n ti di ọmọ ilé. Àmọ́ kí wọ́n tó dé ni Yorùbá ti ní ibi tó ń kó ọ̀wọ̀ pamọ́ sí, àárín gbólóhùn gan-an sì ni: ẹ dípò o, yín dípò rẹ, ẹ̀yin dípò ìwọ, wọ́n dípò ó. Ibikíbi tí gbólóhùn bá ti kan àgbà náà, ibẹ̀ ni a ti gbọ́dọ̀ san ọ̀wọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹni tó bá fo gbogbo rẹ̀ tó wá da sà sí ìparí, iyọ̀ ló ń wọ́n sórí iṣu tí kò jinná.

Ẹ jẹ́ ká wo èsì kan lórí Wásáàpù. Ọ̀gá tó ti lé láàádọ́ta ọdún kọ̀wé sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: "Kú iṣẹ́ o. Ṣé o ti fi ìwé àwọn oníbàárà yẹn ránṣẹ́?" Ọmọ náà, tó ti kàwé tó sì mọ ara á tún ṣe, dáhùn báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ẹ láti àná sà. Mo tún pè ẹ́ sà, o ò gbé e. Bí o bá ti rí i, jẹ́ kí n mọ̀ sà. Ìyàwó ẹ náà pè, mo sọ fún un pé o wà ní ìpàdé sà."

Sà márùn-ún ló wà níbẹ̀, ọ̀wọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tó wà nínú "ẹ káàárọ̀". Ìyẹn náà, gbogbo wa ló há a sórí láti kékeré.

Ibi tó ti ṣubú jù ni "sí ẹ" àti "pè ẹ́". Bí ẹ bá bi í, yóò ní ẹ lòun kúkú lò, kí ni wọ́n tún fẹ́? Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ nìyí. Ẹ tó ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ẹ ọ̀wọ̀: ẹ wá, ẹ jókòó, ẹ ti rí i. Ẹ tó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe, tàbí tó tẹ̀ lé orúkọ nǹkan, ẹgbẹ́ ẹni là ń sọ ọ́ sí: mo rí ẹ, mo pè ẹ́, owó ẹ, ìyàwó ẹ. Ìyẹn dúró fún ọ tàbí rẹ. Tí àgbà bá wà níbẹ̀, yín ni: mo rí yín, mo pè yín, owó yín. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ilé pé kí wọ́n máa lo ẹ fún àgbà kò gbọ́ apá kejì ẹ̀kọ́ náà, ni wọ́n bá ń fi ẹ wọ́ àgbà nílẹ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ohun tó lè ran èèyàn lọ́wọ́ ni kó fi ọ tàbí rẹ rọ́pò ẹ náà. Bí gbólóhùn bá ṣì dúró, tí "sí ẹ" di "sí ọ", tí "ìyàwó ẹ" di "ìyàwó rẹ", a jẹ́ pé ẹ yẹn kì í ṣe ti àgbà.

"O ò gbé e" ńkọ́? Bí ọmọ náà bá tiẹ̀ sọ ọ́ di "ẹ ò gbé e", ẹ̀sùn ṣì ni. Ẹ nìkan kì í wẹ ẹ̀sùn mọ́. Ó yẹ kó wá ọ̀nà mìíràn gbé e gbà. Ti ìyàwó ọ̀gá náà kò kéré: obìnrin tó jẹ́ ìyàwó ọ̀gá ẹni kì í ṣe "un", wọn ni. Bí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ bá kọ èsì yẹn, bó ṣe máa rí nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ti fi ránṣẹ́ sí yín láti àná. Mo tún pè yín, bóyá ọwọ́ yín dí nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti rí i, ẹ jẹ́ kí n mọ̀. Mọ́mì náà pè, mo sọ fún wọn pé ẹ wà ní ìpàdé."

Sà kan péré. Obì á yọ.

Kí ẹ má rò pé àwọn ọmọ kékeré nìkan ni. Àwọn ọ̀gá tuntun wà tí wọn kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí dírẹ́bà wọn lè bí wọn lọ́mọ. Wọ́n á ní, "Bàbá, wá gbé báàgì mi." Bàbá ni wọ́n pè é, wọ́n sì pàṣẹ fún un bí ọmọ ọ̀dọ̀. Irú kan náà ni pẹ̀lú sà: orúkọ ọlá wà ní etí gbólóhùn, inú rẹ̀ ṣófo. Ibi tí ipò bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí ọjọ́ orí wà lọ́wọ́ ẹnì kejì, àwọn méjèèjì ló yẹ kó máa lo ẹ fún ara wọn. Bàbá dírẹ́bà ń fún ipò ní tirẹ̀, ọ̀gá kékeré ń fún ewú ní tirẹ̀, kò sì sí èyí tó máa dín kù nínú wọn.

Òfin yìí kò ká gbogbo ilẹ̀ káàárọ̀-o-ò-jí-ire o. Nínú àwọn ẹ̀ka-èdè ìhà ìlà-oòrùn kan, bíi ti Oǹdó, ọmọ lè fi ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ẹyọ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsí pé ó rí i fín. Ìkúnlẹ̀ àti ohùn ló ń gbé ọ̀wọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kó má sáré bínú. Bíbélì Yorùbá pàápàá, Ìwọ ló ń pe Ọlọ́run. Ọlọ́run gba ẹyọ, olórí ẹ̀ka tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní tábìlì tuntun kò gbà á. Ká máa fara dà á.

Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́ orí ẹni tó pè yín lórí fóònù, ẹ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lílo ẹ kò bú ẹnikẹ́ni rí. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ yín, òun fúnra rẹ̀ á sọ fún yín pé kí ẹ má lò ó mọ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú o, tó wá gbọ́ pé bàbá ìyàwó òun ni, ẹ̀bẹ̀ tó máa bẹ̀ kò ní kéré.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi èsì ránṣẹ́ sí àgbà, ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo sà àti mà inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ tún un kà. Bí ohun tó kù bá dà bí ọ̀rọ̀ tí ẹ lè sọ sí àbúrò yín, ẹ má tíì fi ránṣẹ́.