Ó Wọlé, Àmọ́ Ilé Ta Ló Wọ̀?

Ta ló fún kọ̀ǹpútà láṣẹ láti máa kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́? Ìbéèrè tí mo ń bi gbogbo ẹni tó bá dúró gbọ́ tẹnu mi nìyẹn, láti Odò-Orí títí dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Bowen. Iṣẹ́ mi ni pé mo ń bójú tó sáìtì fún àwọn oníṣòwò níbí ní Ìwó. Bí nǹkan bá yí padà lórí sáìtì wọn, mo máa ń pe sikíríìpù kan, ìyẹn fáìlì tí wọ́n to àwọn àṣẹ sí tẹ̀ léra wọn. Á gbé kóòdù tuntun kúrò lọ́wọ́ mi lọ sórí sáfà, á sì kọ ọ́ gàdàgbà nísàlẹ̀, ní àwọ̀ ewé, pé `Deploy successful`. Ó ti wọlé, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí mo bá wá ṣí sáìtì náà báyìí, ohun tó wà níbẹ̀ lánàá ni màá bá.

Alájì tó ń ta sìmẹ́ńtì ló kọ́kọ́ jẹ nínú ìyà yìí. Iye tí wọ́n ń ta àpò kan wà nínú fáìlì kan lára kóòdù sáìtì wọn, `owo.php`. Sìmẹ́ńtì gbówó lórí, wọ́n ní kí n yí ₦9,500 sí ₦10,200. Mo yí i, mo pe sikíríìpù, ó fi àwọ̀ ewé dá mi lóhùn. Kò pẹ́ tí àwọn bíríkìlà fi dé ìsọ̀ Alájì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, tí wọ́n ń fi ₦9,500 hàn wọ́n. “Alájì, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbí o.” Ni Alájì bá pè mí.

“Ẹnjiníà, ẹ ò tíì ṣe iṣẹ́ yẹn ni?”

“Mo ti ṣe é, Alájì. Ó ti wọlé.”

“Ó wọlé? Ilé ta ló wọ̀?”

Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń bú mi ni. Àṣé ìbéèrè gidi ni wọ́n bi mí, orí sáfà ni mo sì ti rí èsì rẹ̀. Sikíríìpù yìí kì í da kóòdù tuntun lé ògbólógbòó lórí. Ọgbọ́n tí àwọn tó ń lo Capistrano ti ń dá tipẹ́tipẹ́ ni òun náà ń dá. Á ṣí fódà tuntun nínú `releases`, á fi déètì sọ ọ́ lórúkọ, á sì kó gbogbo kóòdù síbẹ̀. Orúkọ kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ `current`. Èyí kì í ṣe fódà gidi. Síḿlíńkì ni, ìyẹn orúkọ tó kàn ń tọ́ka sí fódà mìíràn. Ibi tí `current` bá kọjú sí ni sáìtì ti ń mú kóòdù. Bí ti tuntun bá ní àbùkù, a ó yí `current` padà sí ti àná, ọkàn gbogbo wa á sì balẹ̀. Ọgbọ́n náà dáa, mi ò bá a jà. Àṣẹ tí wọ́n fi ń yí i padà ni mo ń bá jà:

```
ln -sf /var/www/oja/releases/20250314 /var/www/oja/current
```

Ọmọkùnrin kan ní Ìbàdàn, tí kì í gbé ìpè mi mọ́, ló kọ ọ́. Ó gbà pé `-f` yóò pa `current` àtijọ́ rẹ́, yóò sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ṣiṣẹ́, torí kò tíì sí `current` kankan nílẹ̀ nígbà náà. A yìn ín, a sì sanwó fún un. Láti ìgbà kejì lọ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. `ln` bá `current` nílẹ̀, ó tẹ̀ lé e dé ibi tó ń tọ́ka sí, ó rí i pé fódà ni, ló bá ṣe ohun tó máa ń ṣe bí a bá na fódà sí i: ó wọ inú rẹ̀, ó sì dá líǹkì tuntun sílẹ̀ níbẹ̀. Inú fódà àtijọ́, `releases/20250301`, ni mo ti bá nǹkan kan tó ń jẹ́ `20250314`. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń tọ́ka sí kóòdù tuntun tí ẹnikẹ́ni ò ní yà wò láéláé. `current` ní tirẹ̀ ò mira rárá. Alájì, ilé tó wọ̀ nìyẹn o.

Ohun tó dùn mí jù ni pé n kò rí ẹni tí màá mú. Wọ́n ní kí `ln` ṣe líǹkì, ó ṣe é, ó sì dá 0 padà, tó fi hàn pé ọwọ́ òun mọ́. Wọ́n kọ `set -e` sókè sikíríìpù náà, pé kó dúró níbi tí àṣẹ kankan bá ti kùnà. Kò sí èyí tó kùnà, ìdí nìyẹn tí kò fi dúró. Ìlà àwọ̀ ewé tó gbẹ̀yìn, `echo` lásán ni, ohun tí wọ́n bá ní kó tẹ̀ jáde ló ń tẹ̀ jáde.

Bí irú rẹ̀ bá ń ṣe yín, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu sikíríìpù gbọ́. `current` gan-an ni kí ẹ bi léèrè:

```
readlink -f /var/www/oja/current
```

Bó bá dárúkọ déètì àtijọ́ fún yín, ẹ lọ wo inú fódà àtijọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá líǹkì tó ṣìnà níbẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni oògùn rẹ̀: kí ẹ kọ `ln -sfn` dípò `ln -sf`. `n` yẹn ló ń sọ fún `ln` pé kó má ṣe tẹ̀ lé `current` lọ síbi tó ń tọ́ka sí, òun gan-an ni kó rọ́pò. Lẹ́tà kan péré! Gbogbo èébú tí mo jẹ lẹ́nu àwọn bíríkìlà, lẹ́tà kan ló fà á.

Mo fi `n` sí i, mo yọ líǹkì tó ṣìnà kúrò, mo tún pe sikíríìpù. Àwọ̀ ewé. Mo bi `readlink`, ó ní `20250314`. Mo ṣí sáìtì: ₦9,500.

Ẹjọ́ yìí kì í ṣe ti `ln` mọ́, ti PHP ni. PHP kì í tún fáìlì kà ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá ṣí sáìtì. Láti PHP 5.5, tó jáde ní 2013, ni wọ́n ti ń fi OPcache kún un. Á ka fáìlì lẹ́ẹ̀kan, á tú u sí ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ tètè ń gbọ́, á sì fi pamọ́ sínú mẹ́mọ́rì. Ó yẹ kí àwa tí wọ́n ń pe ìlú wa ní ilé odídẹrẹ́ ti mọ irú ẹyẹ tí èyí jẹ́: ohun tí ẹ kọ́ ọ lánàá ni yóò máa wí fún àlejò lónìí, ọ̀rọ̀ ì báà ti yí padà nínú ilé.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. nginx ló ń pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà, òun ló sì ń sọ fún PHP pé kó lọ mú `/var/www/oja/current/index.php`. Orúkọ yẹn ò yí padà láti ọjọ́ tí sáìtì ti wà. PHP ti tọ ọ̀nà náà rí, ó mọ̀ pé inú `20250301` ló já sí, ó sì fi í sọ́kàn. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tún un ṣe, 120 ìṣẹ́jú-àáyá ló fi ń rántí ibi tí ọ̀nà kan já sí. OPcache náà ti fi kóòdù tó tú pamọ́ lábẹ́ orúkọ kan náà. Bó bá tiẹ̀ fẹ́ wò ó bóyá fáìlì ti yí padà, fáìlì àtijọ́ ló máa wò, èyí tí kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án nínú fódà rẹ̀. `index.php` àtijọ́ á wá pe `owo.php` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni ₦9,500 bá tún jáde. Lórí sáfà tiwa, kí sáìtì lè yára, wọ́n ti kọ `opcache.validate_timestamps=0`, ìyẹn ni pé kó má yẹ fáìlì kankan wò mọ́ rárá.

Kì í ṣe pé sikíríìpù náà ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí o! Ibi tó ti bí mi nínú gan-an nìyẹn. Mo bá ìlà yìí nínú rẹ̀:

```
php -r 'opcache_reset();'
```

Ó dùn ún kà, àbí? Pé kí OPcache gbàgbé gbogbo ohun tó há sórí. Ṣùgbọ́n PHP tí a pè láti ojú àṣẹ báyìí yàtọ̀ sí PHP-FPM tó ń dá àwọn oníbàárà Alájì lóhùn. Mẹ́mọ́rì wọn ò papọ̀. Èyí tí a pè kò ní nǹkankan tó fẹ́ gbàgbé, ó parí iṣẹ́ kíá, ó dá 0 padà. Èyí tó mọ ₦9,500 ní tirẹ̀ kò gbọ́ nǹkankan.

Ọ̀dọ̀ nginx ni àtúnṣe gidi wà. Níbi tí wọ́n kọ `$document_root` sí, èyí ni mo fi sí i:

```
fastcgi_param SCRIPT_FILENAME $realpath_root$fastcgi_script_name;
```

Báyìí, nginx fúnra rẹ̀ ló ń tọ síḿlíńkì náà dópin kó tó pe PHP. Orúkọ tó ń fún PHP ti wá ní déètì nínú, ó sì ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí kóòdù tuntun bá dé. OPcache ò rí orúkọ náà rí, dandan ni kó ka fáìlì náà. Mo tún fi `systemctl reload php8.3-fpm` sí ìparí sikíríìpù, torí ohun àtijọ́ tó há sórí kì í kúrò fúnra rẹ̀, yóò kàn máa kún mẹ́mọ́rì ni.

Sáìtì wá ní ₦10,200. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń mú àwòrán ₦9,500 wá láti Ilé-Ogbó. Àwòrán ìpolówó ojú ewé ni, fóònù wọn ló fi í pamọ́, torí sáfà ti sọ fún un pé `Cache-Control: max-age=31536000`, ìyẹn ọdún kan gbáko. Kò sí àṣẹ tí mo lè pa lórí sáfà tó máa wọ àpò ẹni tó wà ní Ilé-Ogbó. Ọ̀nà àbáyọ ibẹ̀ ni pé kí orúkọ àwòrán máa yí padà bí àwòrán bá ti yí padà. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún oníbàárà pé kó pa fóònù kó tún un tàn.

Àwọn tó lówó jù wá lọ ti jẹ irú ìyà yìí rí. Ní 2012, Knight Capital ní Amẹ́ríkà fẹ́ gbé kóòdù tuntun sórí sáfà mẹ́jọ. Ó dé orí méje, ti àtijọ́ sì wà lórí ìkẹjọ, kò sí ẹni kejì tó yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Ògọ́ọ̀sì, sáfà kan yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpín ìdókòòwò, ó sì ń tà wọ́n, bí ẹni tí wọ́n sà sí. Láàárín 45 ìṣẹ́jú, wọ́n pàdánù ohun tó ju 460 mílíọ̀nù dọ́là lọ.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí sikíríìpù má kí ara rẹ̀ títí sáìtì fúnra rẹ̀ yóò fi dá a lóhùn. Mo fi fáìlì kékeré kan, `version.php`, sínú kóòdù, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju `echo basename(__DIR__);` lọ: kó dárúkọ fódà tó ti wá. Ṣáájú ìlà àwọ̀ ewé, mo wá kọ èyí:

```
test "$(curl -s https://$SITE/version.php)" = "20250314"
```

Bí ìdáhùn bá yàtọ̀, `test` á kùnà, `set -e` á sì dá gbogbo rẹ̀ dúró. Kí ẹ má fi `version.txt` ṣe é o. nginx ló ń gbé `.txt` fún àlejò tààrà, kò kọjá lọ́dọ̀ PHP, tuntun ni yóò máa wí fún yín nígbà tí iye owó ṣì jẹ́ ti àná.

Alájì gbọ́ gbogbo àlàyé yìí, wọ́n mi orí. Wọ́n ní ₦700 tó wọlẹ̀ lórí àpò kọ̀ọ̀kan tí àwọn tà ní iye àná, inú owó iṣẹ́ mi ni àwọn ti máa yọ ọ́. Mo ní, “Alájì, sikíríìpù ló ṣe é.” Wọ́n ní kí n ní kó wá sí ìsọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn á gbọ́ tẹnu rẹ̀.