Ìṣẹ́jú Kan Péré, Màámi

Lẹ́tà tó wá láti ibi iṣẹ́ mi ní Lọ́ńdọ̀n kò gùn. Wọ́n ní èmi ni wọ́n yàn fún àmì-ẹ̀yẹ òṣìṣẹ́ alẹ́ ọdún náà, nílé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìlà tó gbẹ̀yìn ló dá wàhálà sílẹ̀: kí n múra ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ wá, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Mo pe màámi n'Ìbàdàn. Inú wọn dùn, wọ́n súre, wọ́n kì mí dé orí bàbá tó bí bàbá mi. Ìgbà tí mo dé ibi ìṣẹ́jú kan ni wọ́n dákẹ́.

"Ìṣẹ́jú kan báwo? Ṣé wọ́n ń lé ọ ni?"

Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Níbi tí a ti wá, ìṣẹ́jú kan kò tó kí kábíyèsí. Ẹni tó bá gba máìkì lóde yóò kọ́kọ́ ní òun dúró lórí ìkíni tó ti wà nílẹ̀. Ẹ ó rò pé ó ti fo ìkíni nìyẹn. Irọ́ ni! Yóò gbéra láti orí ọba, yóò kan alága, bàbá ọjọ́ àti ìyá ọjọ́, títí dé orí àwọn tó ń dáná lẹ́yìnkùlé. Bí ẹnu bá sì fẹ́ rẹ̀ ẹ́, onígángan á fi oríkì rẹ̀ gún un ní kẹ́sẹ́, orí rẹ̀ á wú, ọ̀rọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ lọ́tun.

Lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó, ńṣe ni wọ́n ń fi orin léni wálẹ̀. Níbi àmì-ẹ̀yẹ Ọ́sìkà ní Amẹ́ríkà, ìṣẹ́jú-àáyá 45 ni wọ́n ń fún ẹni tó bá gba ère. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn olórin á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn lé e lórí. Ojú wọn ti rí nǹkan kí wọ́n tó dé ibẹ̀: lọ́dún 1943, òṣèré Greer Garson fi ohun tó lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún dúpẹ́. Síbẹ̀, lọ́dún 2025, òṣèré Adrien Brody lo ìṣẹ́jú márùn-ún àti ìṣẹ́jú-àáyá 40, nígbà tí orin sì bẹ̀rẹ̀, ó ní kí wọ́n pa á. Mo ní kí ẹ wádìí ọkùnrin yẹn wò dáadáa, ó lè ní ìyá àgbà kan ní Òkè-Àdó.

Èmi náà jókòó kọ tèmi. Ọmọbìnrin mi gbé fóònù, ó ní òun á ka àkókò. Mo kà á jẹ́jẹ́ nínú ọkàn mi, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo kà á sókè bí mo ṣe máa sọ ọ́ níbẹ̀, ó di ìṣẹ́jú mẹ́fà ààbọ̀. Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí mo rí nìyẹn: ojú yá ju ẹnu lọ. Ẹni tó bá ń fi ojú wọn ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, ara rẹ̀ ló ń tàn.

"Dádì," ọmọ náà ní, "ẹ ò tíì dé ibi iṣẹ́ yín. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ ṣì wà."

Màámi ti fún mi ní orúkọ 31 tí n kò gbọ́dọ̀ fò, látorí ẹni tó yá wa lówó físà dé orí ẹ̀gbọ́n tó fi mọ́tò gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfurufú n'Ìkẹjà. A dán an wò: orúkọ kan pẹ̀lú oyè rẹ̀ gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. Mẹ́rin lọ́nà 31 jẹ́ 124. Orúkọ nìkan ti jẹ ìṣẹ́jú méjì, n kò sì tíì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe fún mi. Ibẹ̀ lojú mi là. Orúkọ tí a kàn tò bí àkọsílẹ̀ owó àjọ, ẹni tó ni ín nìkan ló ń gbọ́ ọ, gbogbo ìyókù ń wo ago.

Mo pa orúkọ rẹ́, mo mú ẹnì kan àti ohun kan ṣoṣo tó ṣe. Mo pa "ẹnu mi kò gba ọpẹ́" rẹ́, nítorí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò gbà á kì í sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Mo gbé orúkọ tó ṣe pàtàkì síwájú, tí wọ́n bá tilẹ̀ já mi gbà lẹ́nu, ó ti jáde. Mo sì dín gbogbo rẹ̀ kù sí ìṣẹ́jú-àáyá 45, kì í ṣe 60, torí pé ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ máa ń jẹ nínú àkókò ẹni. Èdè Òyìnbó ni mo fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí lédè wa rèé:

"Ẹ kú alẹ́ o. Nọ́ọ̀sì àgbà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló ni ẹ̀bùn yìí. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, bàbá kan kọ̀, wọn ò jẹun. Mo ti fẹ́ gbé àwo lọ. Nọ́ọ̀sì yìí ní, 'Jókòó tì wọ́n, má sọ nǹkan kan.' Mo jókòó fún ogún ìṣẹ́jú. Bàbá wò mí, wọ́n mú ṣíbí, wọ́n jẹun. Orí àga yẹn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí ẹ ń yìn mí fún. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ alẹ́, ẹ ṣeun. Ìyàwó mi tó ń pa ilé mọ́ ní dákẹ́rọ́rọ́ kí n lè sùn lọ́sàn-án, o ṣeun."

Mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí káàdì kan, nítorí fóònù lè kú mọ́ni lọ́wọ́ lórí pèpéle. Ìlà ìkẹyìn ni mo há sórí, kí n lè gbójú sókè wo ìyàwó mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tí wọ́n ní kó gbé ife sókè fún ọkọ ìyàwó níbi ìgbéyàwó kan ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ tó dùn, ó sì jókòó láìdárúkọ ẹni tí a fẹ́ mu ún fún. Ogójì èèyàn gbé ife dání, wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Orúkọ yẹn ló yẹ kó gbẹ̀yìn, kí àwùjọ lè gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ìṣẹ́jú-àáyá 52 ni mo lò. Nọ́ọ̀sì àgbà sunkún. Màámi, tó ń wò mí lórí fóònù, ní, "Ó ti tán?"

Kò tíì tán. Ìwà tí wọ́n fi tọ́ mi ni pé oore òní, òwúrọ̀ ọ̀la là ń padà wá dúpẹ́ rẹ̀. Mo mú orúkọ 31 yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú pẹ̀lú oyè rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pè wọ́n tán, ẹ̀gbọ́n onímọ́tò nìkan gba wákàtí kan. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì ayẹyẹ náà, mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà, mo ní, "Ẹ ṣeun àná o."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Kí ni mo tún ṣe lánàá?"