Ta Ló Se Pọ́fù-pọ́fù Yìí?

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya, ọ̀rọ̀ ogún, ọ̀rọ̀ onílé òun ayálégbé ni wọ́n ti ń fi òwe náà yanjú láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kò sẹ́ni tó rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò wọ ilé ìdáná, tí yóò dúró síwájú máíkíròwéfù, tí yóò sì máa dárò ìpápánu tó ṣẹ́kù láti ibi ìnáwó. Ọjọ́ náà ti dé. Máíkíròwéfù ló ń lo agbára, pọ́fù-pọ́fù ló ń le koko.

Ẹ jẹ́ ká mú Bàbá Ìbejì kan ní Èkó, irú ẹni tí kò sí àdúgbò tí kò ti sí. Ó lọ síbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, ó sì gbé páàkì ìpápánu bọ̀ wálé: pọ́fù-pọ́fù, sàmósà, sípíríìn-róòlù àti itan adìyẹ díndín kan, gbogbo rẹ̀ nínú ike tí wọ́n dé pa. Ó tì í sínú fíríìjì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá ìyàwó rẹ̀ ti Ìbàdàn dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Bàbá Ìbejì fẹ́ ṣe bí ọmọlúàbí. Ó gbé ike náà tòun ti ìdérí rẹ̀ sínú máíkíròwéfù, ó tẹ ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó sì ń fọwọ́ ra ọwọ́ títí ẹ̀rọ fi dún.

Nígbà tó ṣí i, omi ń kán tótó láti ara ìdérí. Sàmósà ti dẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ike. Màmá mú pọ́fù-pọ́fù kan, wọ́n fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, wọ́n gé e jẹ, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́. Wọ́n wá gbójú sókè.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ṣé o. Ta ló se pọ́fù-pọ́fù yìí?"

Àwọn ìbejì rẹ́rìn-ín, bàbá wọn ò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n màmá ò fi ọkọ ọmọ wọn ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Sísè gan-an ni Bàbá Ìbejì se ohun tí ẹlòmíràn ti fi owó epo dín.

Kí nǹkan díndín tó lè dún kàrà-kàrà lẹ́nu, èèpo rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ. Epo gbígbóná ló máa ń gbẹ ẹ́, èyí tí ìgbóná rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 170 sí 190 lórí ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì. Híhó tí a ń rí yí àkàrà ká nínú agbada, omi ló ń sá jáde kúrò lára rẹ̀. Bí wọ́n bá kó o kúrò nínú epo, èèpo ti gbẹ, ṣùgbọ́n omi ṣì wà nínú. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ ni omi inú yóò ti máa rìn díẹ̀díẹ̀ bọ̀ síta. Bí wọ́n bá sì dé e pa nígbà tó ṣì gbóná, oorú tó yẹ kó bá afẹ́fẹ́ lọ yóò padà jókòó sára èèpo. Ìdí nìyí tí sàmósà ibi ìnáwó fi máa ń dẹ̀ kí ìyàwó tó jó dé orí àga rẹ̀, kí máíkíròwéfù kankan tó dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí máíkíròwéfù wá ṣe ni pé ó parí iṣẹ́ ìbàjẹ́ tí ìdérí bẹ̀rẹ̀. Omi inú oúnjẹ ni agbára rẹ̀ máa ń mú gbóná jù lọ. Omi náà di oorú, oorú náà fẹ́ jáde, èèpo ló sì gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Afẹ́fẹ́ inú àpótí ẹ̀rọ náà kì í gbóná tó ohun tó lè gbẹ nǹkan, nítorí náà kò sí ohun tí yóò gba omi yìí lára èèpo. Ìwọ̀n tí omi fi ń hó, ìyẹn 100, ni èèpo sábà máa ń fà mọ́, ibẹ̀ sì jìnnà sí ìgbóná epo tó gbẹ ẹ́ níjọ́ àkọ́kọ́. Bí ìyẹ̀fun inú pọ́fù-pọ́fù bá wá pàdánù omi rẹ̀ báyìí tó sì tutù, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà lẹ́nu, lẹ́yìn náà yóò gan. Ó kọ́kọ́ dẹ̀, ó wá le koko. Òwe àgbà ò parọ́.

Àbí kí ni ká tilẹ̀ retí lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà? Ìtàn sọ pé lọ́dún 1945, Percy Spencer, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí rédà ní ilé-iṣẹ́ Raytheon ní Amẹ́ríkà, dúró nítòsí ohun èlò tó ń tú agbára yìí jáde, ìpápánu dídùn tó wà lápò rẹ̀ sì yọ́. Ìyẹn ló mú kó ronú pé wọ́n lè fi se oúnjẹ. Ẹ̀rọ tó fi yíyọ́ nǹkan bẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé rẹ̀, òun la wá ń bẹ̀ pé kó bá wa mú sàmósà gbẹ.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà ò wúlò. Ohun tó bá lómi nínú tẹ́lẹ̀ ni kí a gbé fún un: ìrẹsì tí a wọ́n omi díẹ̀ sí, ọbẹ̀, mọ́ín-mọ́ín. Àwọn wọ̀nyí ò ní èèpo gbígbẹ tí wọ́n ń tọ́jú.

Ohun díndín ń fẹ́ ìgbóná tó máa gbẹ ẹ́ láti ìta, ófúnù àti ẹ́à-fúráyà ló sì lè ṣe é. Orúkọ ẹ́à-fúráyà máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, wọ́n rò pé ó ń dín nǹkan. Ófúnù kékeré ni, tó ní fáànù tó lágbára lókè. Ilé-iṣẹ́ Philips ló gbé irú rẹ̀ tó gbayé yìí jáde lọ́dún 2010. Iṣẹ́ tí ọyẹ́ máa ń ṣe sára aṣọ tí a sá sórí okùn ni fáànù náà ń ṣe sára oúnjẹ: bí omi bá ṣe ń yọ sí èèpo ni afẹ́fẹ́ ń gbá a lọ. Kò tún sí pé à ń da epo kún un, torí epo tí wọ́n fi dín in ṣì wà lára rẹ̀. Bí ìgbóná bá dé ibẹ̀, epo yẹn yóò tún gbóná lójú èèpo.

Níbi yìí ni àwọn kan ti máa ń fi òwe ṣi ara wọn lọ́nà. Wọ́n gbọ́ "ẹ̀sọ̀", wọ́n bá dín iná kù sí 100, wọ́n fi adìyẹ sílẹ̀ nínú ófúnù fún odidi wákàtí kan. Ìyẹn náà yóò le koko, torí omi inú ti gbẹ tán kí èèpo tó rí ìgbóná tó tó o. Iná kékeré kọ́ ni ẹ̀sọ̀ tí à ń wí. Ẹ̀sọ̀ ni sùúrù ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ófúnù yóò fi gbóná kí oúnjẹ tó wọ ibẹ̀.

Ká ní Bàbá Ìbejì mọ̀ ni, ọ̀nà tí ì bá gbà rèé. Lálẹ́ Sátidé, yóò ṣí ike, yóò jẹ́ kí oorú jáde, yóò tẹ́ bébà ìnuwọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò sì gbé e sí fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé lẹ́yìn tí wọ́n dín in. Bí adìyẹ bá ti wà nínú ooru láti ọ̀sán títí di alẹ́, kó dà á nù ló dáa, torí oró tí àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń fi sílẹ̀ kì í bá iná lọ.

Ní òwúrọ̀, yóò tan ófúnù sí 190, yóò kó ìpápánu náà síta nígbà tí ófúnù ń gbóná. Yóò tò ó sórí àwọ̀n irin tó dúró lórí tíréè, kí afẹ́fẹ́ lè gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì. Kò ní fi fọ́ìlì bò ó, torí ìdérí náà ni fọ́ìlì. Itan adìyẹ ni yóò kọ́kọ́ wọlé, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Sàmósà àti sípíríìn-róòlù yóò bá a nígbà tó bá ku bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Pọ́fù-pọ́fù ni yóò kẹ́yìn, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà ti tó o, torí kò ní ohun púpọ̀ nínú tó lè gbèjà rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ẹ́à-fúráyà ló ní, 180 tó fún sàmósà, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. 160 tó fún pọ́fù-pọ́fù, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Itan adìyẹ tó nípọn lè kọ́kọ́ lo ìṣẹ́jú kan nínú máíkíròwéfù kí inú rẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́, kó tó lọ gbẹ èèpo rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ẹ́à-fúráyà ní 180. Lọ́nà èyíkéyìí, ibi tó nípọn jù lára adìyẹ gbọ́dọ̀ gbóná dé 74.

Etí ló máa sọ bó ti rí. Bí wọ́n bá fi fọ́ọ̀kì kan èèpo sàmósà tó sì dún gbẹrẹ, ó ti ṣe. Bó bá ṣì dẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì láìdé e, torí èèpo máa ń gbẹ sí i bí oorú tó kù ṣe ń jáde. Ẹni tó bá fi àwo dé e kí àlejò tó jẹun ti padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti dòdò, kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀ jẹ. Ṣúgà inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kì í jẹ́ kó dún kàrà-kàrà, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n dín in. Bí wọ́n bá fi í sí 200 yóò jó ní ẹ̀gbẹ́ kí inú rẹ̀ tó gbóná. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ní 160 ti tó o.

Èyí tó pani lẹ́rìn-ín jù ni pé Bàbá Ìbejì ti ń tọrọ owó ẹ́à-fúráyà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ọ̀pọ̀ ẹ́à-fúráyà ń jẹ tó 1,500 wáàtì, jẹnẹrétọ̀ kékeré ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ò sì lè gbé ìdajì rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Lọ́jọ́ tí iná ìjọba ò bá sí, inú páálí ni ẹ́à-fúráyà náà yóò máa gbé. Bẹ́ẹ̀ ó ní kúkà gáàsì nílé, èyí tí ófúnù wà lábẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti rà á. Agbada, ìdérí ìkòkò àti àwọn ike áísìkiríìmù tó ti ṣófo ló kún inú rẹ̀.

Kó kó wọn síta, kó nu ibẹ̀, kó tan gáàsì. Màmá ò tíì padà sí Ìbàdàn, ìpápánu sì kù nínú fíríìjì.