Ìwé Ìjìnlẹ̀ lórí Nọ́ńbà 20 nínú Ṣáàtì Nọ́ọ̀sì Tuntun

Ohun kan wà tí àwọn onímọ̀ nípa ara ènìyàn kò tíì ṣàlàyé fún wa. Bí ẹ̀dá bá ti wọ wọ́ọ̀dù, tó gba bẹ́ẹ̀dì, ìgbà 20 ni yóò máa mí ní ìṣẹ́jú kan títí wọn yóò fi ní kó máa lọ sílé. Arúgbó ń mí 20. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ti ilé iṣẹ́ abẹ dé ń mí 20. Mo ti rí ṣáàtì bàbá kan tó mí 20 ní aago mẹ́wàá alẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ti mú un lọ sílé láti ọ̀sán.

Nítorí náà ni a ṣe kọ ìwé yìí fún nọ́ọ̀sì àgbà tí wọ́n bá fi nọ́ọ̀sì tuntun tì fún oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ṣòro jù ni kí 20 má ràn mọ́ ọmọ náà.

Ibi tí àrùn yìí ti ń wá kò fara sin. Tẹmómítà á dún, ẹ̀rọ ìfúnpá á wú, nọ́ńbà á sì yọ lójú wọn. Èémí ò ní ẹ̀rọ tirẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa, ojú àti aago ni wọ́n fi ń kà á, odidi ìṣẹ́jú kan fún ẹnì kan. Bí aláìsàn bá jẹ́ 28, tí nọ́ọ̀sì jẹ́ méjì, ẹ ṣírò rẹ̀. Mímí àgbàlagbà tára rẹ̀ dá sì máa ń wà láàárín 12 sí 20, nítorí náà ẹni tó bá kọ 20, kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè.

Ní oṣù kìíní, ẹ dúró ti nọ́ọ̀sì tuntun létí bẹ́ẹ̀dì. Kó má sọ fún aláìsàn pé òun fẹ́ ka èémí rẹ̀, torí ẹni tó bá ti mọ̀ pé wọ́n ń ka mímí òun, mímí rẹ̀ á yí padà. Kó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó ṣì ń ka ìlùkìkì ọkàn, kó gbé ọwọ́ náà lé e láyà, kó máa wo bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Gígòkè àti sísọ̀ kalẹ̀, ẹyọ kan ni. Ẹ̀yin náà ẹ máa kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí kálukú kọ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó lanu.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí èmi àti ọmọ kan jọ ń ṣiṣẹ́, bàbá bẹ́ẹ̀dì 9 wà ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìfun. 20 márùn-ún ló tò sínú ṣáàtì wọn. "Síísítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi pílò kan kún un," ni wọ́n wí, wọ́n sì dúró mí láàárín gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ka 28, ọmọ náà ka 27. A mú tirẹ̀.

Òṣùwọ̀n NEWS2, tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù gbé jáde ní 2017, ni mo fi kọ́ ọ. Èémí tó bá ti tó 25 gba 3. Ọ́síjìn 95 gba 1, ìlùkìkì ọkàn 96 náà gba 1. Ìfúnpá 118 àti ìgbóná ara 37.4 kò gba nǹkan kan, orí bàbá sì pé. Àpapọ̀ jẹ́ 5: ẹ pe dókítà kíákíá, ẹ sì máa yẹ̀ wọ́n wò ní wákàtí wákàtí. Ká ní 20 la kọ, 2 péré ni ì bá jẹ́, à bá sì fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, ó kéré tán. Èémí sábà máa ń yára kí ìfúnpá tó já wálẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró de ìfúnpá ti pẹ́.

Mo gbé fóònù lé ọmọ náà lọ́wọ́. "Dókítà, ẹ kú alẹ́ o. Bàbá bẹ́ẹ̀dì 9, èémí wọn ti di 27, ọ́síjìn 95. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò wọ́n báyìí."

"Ṣé kì í ṣe 20 ni mo rí láàárọ̀?"

"Ẹ má bínú, sà. A ò kà á ni."

Dókítà dé, ó gbọ́ ariwo ní ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oògùn àkóràn lóru ọjọ́ náà.

Oṣù kejì kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀: kó máa kà fúnra rẹ̀, kó máa pe dókítà fúnra rẹ̀, kí ẹ máa gbọ́ láti ẹ̀yìn.

Ní oṣù kẹta, ẹ mú ọwọ́ kúrò, kí ẹ wá máa fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá ka ìlàjì ìṣẹ́jú tó sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kò lè kọ 17 tàbí 23 láéláé. Ẹni tó bá ka ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú, irú nọ́ńbà bíi 16, 20 àti 24 nìkan ni ilẹ̀ rẹ̀ ń hù. Bí ẹ bá wo ṣáàtì ọ̀sẹ̀ kan, tí ẹ ò rí nọ́ńbà kan tí kò ṣeé pín dọ́gba sí méjì, ẹ tún oṣù kìíní bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yẹ tirẹ̀ wò, ẹ kọ́kọ́ yẹ tiyín. Mo yẹ ṣáàtì bẹ́ẹ̀dì 9 wò lálẹ́ ọjọ́ náà. Nínú 20 márùn-ún tó wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ló kọ mẹ́ta.